Okùn Ní Ibi Tí A Ti Fà Á Wá: Ìdí Tí Ọwọ́ àti Okùn Fi Gbọdọ̀ Ṣáájú Rúlà ní Kíláàsì Kejì

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gírámà àti ìtumọ̀ ni a sábà máa ń jọ sọ níbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òní ti inú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi wá. Ìṣirò ni, kì í ṣe èdè. Ẹ fara balẹ̀ bá mi ká a lọ, ẹ ó rí i pé èdè wà nínú rẹ̀ ju bí mo ti rò ní àkọ́kọ́ lọ.

Ọmọ ọdún méje ni ọmọbìnrin mi àbíkẹ́yìn, ó wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ya rúlà kan síbẹ̀, wọ́n sì ya pẹ́ńsù kan sí òkè rẹ̀. Ìdí pẹ́ńsù náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi òdo. Orí ìlà 2 ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dé orí ìlà 7. Ìbéèrè náà ni pé: báwo ni pẹ́ńsù yìí ṣe gùn tó? Ọmọ mi ti kọ 7 sílẹ̀. Mo wò ó, mo ní, "Rárá o, ìyá mi, pẹ́ńsù yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ rúlà. Bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀." Ó fi ìka lé ìlà 2, ó ní "ení," ó bọ́ sí ìlà 3, ó ní "èjì," ó ń kà á lọ títí tí ó fi dé ìlà 7, ó ní "ẹ̀fà." Mo ń tẹ́tí sí ìròyìn lọ́wọ́, mo kàn mi orí. Ó pa 7 rẹ́, ó kọ 6.

Ní ọjọ́ kejì, ìwé náà padà wálé pẹ̀lú àmì pupa. Ọmọ mi kò sunkún. Ohun tí ó sọ ni ó dùn mí: "Dádì, ẹ ní kí n kà á, mo sì kà á dáadáa." Òótọ́ ni. Ó kà á dáadáa. Ohun tí kò yẹ ní kíkà ni mo ní kí ó kà.

Ìdáhùn tí ó tọ̀nà ni 5. Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn ìdáhùn mẹ́ta yìí dáadáa, nítorí pé olúkúlùkù wọn ni ó ń sọ ohun tí ọmọ gbà pé rúlà jẹ́. Ọmọ tí ó kọ 7 gbà pé rúlà ni ó ń sọ̀rọ̀, pé nọ́ńbà tí ó bá ti wà ní ẹnu ohun tí a ń wọ̀n ni ìdáhùn. Ọmọ tí ó kọ 6 ti mọ̀ pé kíkà ni wíwọ̀n, ṣùgbọ́n àwọn ìlà ni ó kà. Ọmọ tí ó kọ 5 nìkan ni ó mọ̀ pé àyè tí ó wà láàárín ìlà kan sí èkejì ni gígùn, pé ìlà kò ju ibodè lọ. Kì í ṣe àwọn ọmọ wa nìkan ni wọ́n ń ṣe àṣìṣe méjì àkọ́kọ́ yìí. Àwọn tí wọ́n ń ṣe ìwádìí nípa ẹ̀kọ́ ìṣirò ti bá irú wọn pàdé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n sì sábà máa ń lo rúlà tí a ti ṣẹ́ orí rẹ̀ láti fi dán àwọn ọmọ wò.

Síbẹ̀, ìdáhùn kejì, 6, ni ó mú mi ronú gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè, nítorí pé mo mọ ibi tí a ti máa ń ka nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú àṣà Yorùbá. Ẹ wo ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún. Bí a bá ná ọjà náà ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni a ó tún ná an. Báwo ni àwọn baba wa ṣe kà á? Ajé ni ìkínní, Ìṣẹ́gun ni ìkejì, Ọjọ́rú ni ìkẹta, Ọjọ́bọ̀ ni ìkẹrin, Ẹtì ni ìkarùn-ún. Ọjọ́ márùn-ún pé, ọrún pé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka òru tí ó wà láàárín ọjà kan sí èkejì, mẹ́rin péré ni. Bákan náà ni ìsán, tí a ń kà sí ọjọ́ mẹ́sàn-án, ṣe jẹ́ òru mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtàdógún, tí orúkọ rẹ̀ ń sọ mẹ́tàdínlógún, ṣe jẹ́ òru mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí a parí ni a jọ ń kà mọ́ ọn.

Kò sí àṣìṣe kankan nínú kíkà yìí. Ọjọ́ ni a ń kà, ọjọ́ sì jẹ́ ohun tí a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá gbé irú kíkà bẹ́ẹ̀ lọ sí orí rúlà, yóò máa fi oókan lé ìdáhùn ní gbogbo ìgbà. Ọmọ mi ka pẹ́ńsù bí ẹni ń ka ọjà. Òru ni ó yẹ kí ó kà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí nìyí: rúlà kò lè kọ́ ọmọ kíláàsì kejì ní ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé ẹlòmíràn ti ka àwọn àyè náà sílẹ̀ kí rúlà tó dé ọwọ́ ọmọ. Kìkì àbọ̀ ni ọmọ ń rí, kò rí iṣẹ́ tí ó mú àbọ̀ wá. Bí a bá fẹ́ kí ó rí iṣẹ́ náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ fi ṣe é, kí ó fi okùn tẹ̀ lé e, kí rúlà tó tẹ̀ lé wọn.

Ìnà ọwọ́

Àbúrò mi obìnrin ń kọ́ kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo ro ẹjọ́ ara mi fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ wá jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì mi." Mo lọ ní ìgbà márùn-ún ní àárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn.

Èdè Yorùbá kò ṣaláìní orúkọ fún ìwọ̀n tí a ń fi ara ènìyàn ṣe. Ìgbọ̀nwọ́ ni láti ìgúnpá dé orí ìka, òun náà sì ni Bíbélì Yorùbá fi sọ bí ọkọ̀ Nóà ṣe gùn tó: 300 ìgbọ̀nwọ́ ní òró, 50 ní ìbú, 30 ní gíga. Ẹsẹ̀ bàtà ni àwọn tí ń ta ilẹ̀ ṣì ń lò di òní, tí wọ́n bá ní ilẹ̀ kan jẹ́ 50 sí 100. Èyí tí àbúrò mi fi bẹ̀rẹ̀ ni ti ọwọ́ tí a yà gbàlà: láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín. Mo pè é ní ìnà ọwọ́ nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sọ pé kí wọ́n wọ̀n ohunkóhun. Ó ní kí olúkúlùkù ya ọwọ́ rẹ̀ sórí bébà, kí ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín dé, kí ó sì tún un ṣe ní ìgbà mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ wọn rí i pé àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ṣe déédéé. Ìgbà mìíràn ọwọ́ nà dáadáa, ìgbà mìíràn ó ká díẹ̀. Èyí ni ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní: ohun tí a fi ń wọ̀n nǹkan kò gbọdọ̀ yí padà láàárín iṣẹ́. Àbúrò mi kò sọ ọ́ bí òfin. Ó kàn bi wọ́n pé, "Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọwọ́ rẹ?" Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ dáadáa fúnra wọn.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá wọ̀n òkè dẹ́sìkì wọn. Mo dìde, mo ń wo ọwọ́ wọn. Àṣìṣe méjì ni ó pọ̀ jù. Àwọn kan ń fo àyè: wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n sì fi àtàǹpàkò lé ibi tí ó wù wọ́n níwájú. Àwọn mìíràn ń gun ara wọn: àtàǹpàkò wọn padà sẹ́yìn ibi tí ọmọńdinrín ti dé. Bí ẹ bá jókòó sídìí tábìlì olùkọ́, ẹ kò ní rí èyí. Nọ́ńbà nìkan ni ẹ ó gbọ́, ó sì lè ṣe kòńgẹ́ kí nọ́ńbà náà tọ̀nà. Ọ̀nà tí olùkọ́ fi lè mọ̀ láìwo ọwọ́ gbogbo ọmọ ni pé kí ó ní kí wọ́n wọ̀n dẹ́sìkì kan náà láti òsì lọ sí ọ̀tún, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n padà. Ọmọ tí ó bá rí mẹ́jọ ní àlọ, tí ó rí mẹ́wàá ní àbọ̀, mọ̀ fúnra rẹ̀ pé dẹ́sìkì kò yí padà, nítorí náà ọwọ́ òun ni ó ṣe ségesège.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ọmọ méjì ni yóò ṣe é pa pọ̀. Èkíní ń na ọwọ́, èkejì ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ọmọńdinrín dé, orí àmì náà ni àtàǹpàkò yóò sì bọ́ sí. Nígbà tí wọ́n bá parí, àwọn àyè yóò tò sórí dẹ́sìkì fún ojú láti rí. Àbúrò mi á wá ní kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí ìnà ọwọ́ kẹta. Ọmọ tí ó bá tọ́ka sí àmì ṣọ́ọ̀kì kò tíì mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ pa àyè láti àmì kan dé èkejì ti mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ìbéèrè kékeré yìí níye lórí ju ogún ìbéèrè inú ìwé iṣẹ́ lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó ṣi ọmọ mi lọ́nà gan-an ni ó ń wádìí.

Ó tún ku ohun tí ó ṣẹ́ kù ní ìparí dẹ́sìkì, tí kò tó ìnà ọwọ́ kan. Èdè wa ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀ láìjẹ́ pé a wá ọ̀rọ̀ kankan lọ. Ọmọ kan ní "mẹ́sàn-án lé díẹ̀." Òmíràn ní "mẹ́wàá kò pé." Ìdáhùn méjèèjì dára, wọ́n sì dára ju kí a fi ipá mú ọmọ sọ nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ.

Ìka kò dọ́gba

Ìgbà tí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń wọ̀n láìfo àyè, tí wọn kò sì gun ara wọn mọ́, ni àbúrò mi tó ṣí ọ̀rọ̀ kejì. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ètò yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti ń dàrú mọ́ àwọn ọmọ lójú.

Òró dẹ́sìkì náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọmọkùnrin kan tí ìnà ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 wọ̀n ọ́n, ó rí mẹ́jọ gééré. Ọmọbìnrin kan tí tirẹ̀ jẹ́ 13 rí mẹ́sàn-án lé díẹ̀. Àǹtí wọn, tí ìnà ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 20, rí mẹ́fà. Àbúrò mi kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú pátákó, ó ní, "Ta ni dẹ́sìkì rẹ̀ gùn jù?" Kíláàsì pariwo pé ti ọmọbìnrin náà ni, nítorí pé mẹ́sàn-án ju mẹ́jọ lọ, mẹ́jọ sì ju mẹ́fà lọ. Ó ní kí wọ́n wo dẹ́sìkì náà. Dẹ́sìkì kan ṣoṣo ni. Ariwo rọlẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọ kan tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní, "Àǹtí, ọwọ́ yín ni ó tóbi, ó ń tètè débẹ̀."

Ó ń tètè débẹ̀. N kò tíì gbọ́ àlàyé tí ó yanjú tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ mi ní yunifásítì. Bí ìwọ̀n bá ṣe tóbi tó ni iye rẹ̀ yóò ṣe kéré tó. Ìdí kan náà ni a kò fi gbọdọ̀ sọ nọ́ńbà láìsọ orúkọ ìwọ̀n. "Mẹ́sàn-án" lásán kì í ṣe gígùn. Mẹ́sàn-án kí ni? Ọwọ́ ta ni? Ọmọ tí ó ti bi ìbéèrè yìí kò ní gbàgbé láti kọ sẹ̀ǹtímítà sẹ́yìn nọ́ńbà nígbà tí rúlà bá dé, nítorí pé ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe níbẹ̀.

Okùn

Ohun méjì ni okùn lè ṣe tí ọwọ́ kò lè ṣe. Èkíní ni pé okùn lè gbé gígùn láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Àbúrò mi bi wọ́n bóyá pátákó ìkọ̀wé ni ó gùn jù tàbí ẹnu ọ̀nà. A kò lè gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ ní ìbéèrè náà kò dáa, nítorí pé pátákó gùn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ga. Ẹ wo èdè lẹ́nu iṣẹ́! Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ni a ní, *gùn* àti *ga*, ọmọ sì gbà pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́. Okùn ni ó parí ìjà náà. Wọ́n na okùn sí òró pátákó, wọ́n gé e, wọ́n sì gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fi orí rẹ̀ kan kan ilẹ̀, èkejì sì kọjá àtérígbà. Okùn kan náà ni ó dùbúlẹ̀ tí ó gùn, tí ó sì dìde dúró tí ó ga.

Bí a ṣe ń fi nǹkan wé ara wọn ní èdè Yorùbá tún bá iṣẹ́ yìí mu. "Pátákó gùn ju ẹnu ọ̀nà lọ" ni a ń wí. *Ju* àti *lọ*: èkíní kọjá èkejì, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Bí eré ìje ni. Kò sì sí eré ìje tí ó ní ìdájọ́ bí àwọn tí ń sáré kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà. Àbúrò mi lo ọ̀rọ̀ yìí láti fi tọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé okùn méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìtò orí wọn sí ojú kan. "Ṣé ibi kan náà ni wọ́n ti gbéra?" ni ó máa ń bi wọ́n, wọ́n á sì yára tò ó.

Ohun kejì ni pé okùn lè di rúlà lójú àwọn ọmọ. A ti rí i pé ọwọ́ kò dọ́gba, nítorí náà kíláàsì fẹnu kò sí ìwọ̀n kan tí gbogbo wọn yóò máa lò: ègé páálí tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. A kò tíì pè é bẹ́ẹ̀, "páálí wa" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fi í wọ̀n ara okùn gígùn kan lọ, wọ́n ń sàmì sí i níbi tí páálí bá parí sí, títí tí ó fi di páálí mẹ́wàá.

Àṣìṣe tiwa ni mo fẹ́ sọ níbí, kí ẹ má baà tún un ṣe. Èmi ni mo dá a lábàá pé kí a ta kókó sí ibi àmì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé kókó dùn ún fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n kókó ń jẹ okùn. Nígbà tí a ta wọ́n tán, okùn tí ó yẹ kí ó gùn tó páálí mẹ́wàá ti kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, páálí kò sì bá àwọn àyè náà mu mọ́. Àwọn ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ rí i. A tú gbogbo rẹ̀, a sì fi òwú pupa so ibi àmì kọ̀ọ̀kan láìká okùn náà. Ẹ má sì lo okùn tí ń fà bíi rọ́bà, nítorí pé ọmọ tí ó bá fẹ́ kí tirẹ̀ gùn jù yóò fà á.

Ibi tí nọ́ńbà yóò wà ni ó ṣe pàtàkì jù. Àbúrò mi kò kọ́kọ́ fi nọ́ńbà sí ibi òwú. Ó fi bébà kékeré kọ́ sí àárín àyè kọ̀ọ̀kan: 1 wà láàárín àyè àkọ́kọ́, 2 láàárín èkejì, títí dé 10. Wọ́n lò ó báyìí ní odidi ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì, ó sún bébà kọ̀ọ̀kan lọ sí òpin àyè rẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé nọ́ńbà yìí ń sọ iye àyè tí a ti parí. Nígbà náà ni ọmọ kan ṣàkíyèsí pé àyè mẹ́wàá ni ó wà, ṣùgbọ́n àmì jẹ́ mọ́kànlá bí a bá ka orí okùn mọ́ ọn. Kí ni a ó kọ sí orí okùn, níbi tí a kò tíì parí àyè kankan? Wọ́n jiyàn. Àwọn kan ní 1. Ọmọ tí ó borí ní, "A ò tíì rìn rárá níbẹ̀." Òdo ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní okùn kì í gùn títí kó má ní ibi tí a ti fà á wá. Ọ̀rọ̀ orírun ni a máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà mo gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ìṣirò. Ibi tí a ti fà á wá ni òdo.

Rúlà dé

Ní ọjọ́ karùn-ún ni rúlà wọ kíláàsì. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, wọ́n rí i pé àyè mẹ́ta orí okùn ni rúlà náà, wọ́n sì rí i pé a ti pín àyè kọ̀ọ̀kan sí kékeré mẹ́wàá. A sọ orúkọ wọn: sẹ̀ǹtímítà. Okùn náà sì jẹ́ mítà kan. Àwọn kan tún ṣàkíyèsí ohun tí èmi kò ṣàkíyèsí ní gbogbo ọdún tí mo fi lo rúlà ní ilé-ẹ̀kọ́, pé etí rúlà oníke kì í ṣe òdo. Àyè díẹ̀ wà kí ìlà òdo tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò wá ibi tí a ti fà á wá yóò fi etí rúlà wọ̀n nǹkan, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì dín.

Ní ìparí, àbúrò mi fún wọn ní rúlà bébà tí ó ti gé orí rẹ̀ kúrò, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 3. Ó ní kí wọ́n fi wọ̀n pẹ́ńsù wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ìka pa àyè kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń kà á lọ. Àwọn mélòó kan ṣì sọ nọ́ńbà tí ó wà ní ẹnu pẹ́ńsù, n kò ní purọ́ fún yín. Àbúrò mi dá okùn padà fún àwọn wọ̀nyẹn.

Àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀

Èrò tí ó yàtọ̀ sí tèmi wà, kì í sì í ṣe èrò tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Láti ìgbà tí Jean Piaget àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ìwé wọn jáde ní ọdún 1948 lórí bí ọmọdé ṣe ń lóye ìrísí àti ìwọ̀n, ọ̀pọ̀ ìwé olùkọ́ ni ó ń to ẹ̀kọ́ yìí bí mo ti tò ó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1999, Douglas Clements, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé kò yẹ kí a gbà pé dandan ni kí ọmọ dúró pẹ́ kí ó tó fọwọ́ kan rúlà, pé rúlà lè ràn án lọ́wọ́, pé fífi oríṣiríṣi ìwọ̀n lọ ọmọ kí ó tó mọ ohun tí ìwọ̀n jẹ́ sì lè dà á lójú rú.

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ ní ìdajì. Ìdí nìyẹn tí mo fi yin àbúrò mi pé kò fi ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wéra kí àwọn ọmọ tó mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo wọ̀n nǹkan. Ìdí nìyẹn náà tí n kò fi gbà pé kí a lo odidi sáà ẹ̀kọ́ lórí ìnà ọwọ́. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ti tó. Ọwọ́ kì í ṣe ìwọ̀n tí ó dára, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó ń ká, a kò sì lè pín in sí wẹ́wẹ́. Àléébù rẹ̀ gan-an ni ó sọ ọ́ di olùkọ́ dáadáa. Bí ó bá ti kọ́ wa tán, kí ó yà fún okùn, kí okùn yà fún rúlà. A kò sì gbọdọ̀ gba rúlà lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá mú un wá láti ilé. Ohun tí n kò gbà ni kí nọ́ńbà orí rúlà jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò gbọ́ nípa gígùn.

Ẹ̀sùn kejì, ti àwọn òbí ni. Ìyá kan béèrè lọ́wọ́ àbúrò mi pé ṣé nítorí okùn ni òun ṣe ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, ó ní àwọn ará àtijọ́ ni wọ́n ń fi apá wọ̀n aṣọ. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí àṣà nìkan ni a fi ń ṣe é, ìyá náà ì bá jàre. N kò ní kí a fi ìnà ọwọ́ kọ́ ọmọ nítorí pé ó jẹ́ ti Yorùbá. Gbogbo ayé ni ó ti fi ara wọ̀n nǹkan rí. Mo ní kí a fi kọ́ ọ nítorí pé ọmọ tí ó kọ 7 àti ọmọ tí ó kọ 6 yóò dàgbà di ẹni tí ń gé pákó, tí ń rán aṣọ, tí ń fi okùn sàmì sí ìpìlẹ̀ ilé. Àṣìṣe oókan níbẹ̀ kì í ṣe àmì pupa lásán.

Ní ti ọmọ mi, mo bẹ̀ ẹ́. Mo mú okùn wálé, a sì jọ fi òwú pupa so ó. Lẹ́yìn náà mo ya pẹ́ńsù kan láti 4 dé 9. Ó wò ó, ó fi ìka pa àyè kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Márùn-ún." Ó wá wò mí lójú, ó ní, "Dádì, ṣé ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n báyìí?"

Mo ti mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè kan ni mo fi sílẹ̀ fún yín. *Ìnà ọwọ́* tí mo lò yìí kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ni wọ́n ń pe ìwọ̀n láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín ní agbègbè tiyín, ní Èkìtì, ní Ìjẹ̀bú, ní Kétu, ní Ọ̀yọ́? Ẹ bi àwọn aránṣọ àti àwọn ahunṣọ tí wọ́n ti dàgbà, kí ẹ sì fi tó mi létí. Ire o.